Lẹ́tà méjì tí mo kọ nítorí owó ìnṣọ́ránsì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì gùn tó ojú-ewé kan àti ààbọ̀. Mo ròyìn bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe kú, bí mo ṣe gbé ọmọ wọn obìnrin sọ́dọ̀ ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, àti pé èmi ni mo ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sí. Mo so ìwé ìbúra tí mo lọ ṣe ní kóòtù gíga mọ́ ọn, ìwé tí ó sọ pé èmi ni alágbàtọ́ ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ìlà mẹ́fà ni. Wọ́n bá mi kẹ́dùn nínú ìlà kìíní, wọ́n sì fi márùn-ún tó kù sọ pé àwọn kò lè san owó náà fún mi.

Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lẹ́tà mi kà lónìí, mo rí i pé bí èmi náà bá jókòó sórí àga wọn, n kò ní san án.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó náà ti wá. Oṣù kejì ọdún 2021 ni ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ju ogójì lọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí owó tí wọ́n máa san bí ẹnì kan bá kú má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ọ̀gá níí san owó ìnṣọ́ránsì náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í fi mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ ọmọ wọn méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù, ìdajì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Obìnrin ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún 11. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Àdùkẹ́ níbí.

Ti àkọ́bí kò le rárá. Ó kọ lẹ́tà tirẹ̀, ó mú ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n sì san owó fún un kí oṣù karùn-ún tó parí. Èyí gan-an ló ṣì mí lọ́nà. Mo ní owó kan náà ni, ìyá kan náà ni, kí ló wá dé tí ti ọmọdé fi yàtọ̀? Mo wọ aṣọ mi, mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn.

Ìyá kan tó jókòó nídìí iṣẹ́ owó sísan ló dá mi lóhùn. Wọn kò jágbe mọ́ mi, èyí tí mo ti múra sílẹ̀ fún. Wọ́n ní, "Àǹtí, a ò sọ pé ẹ kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìwé tí ẹ mú wá sọ pé ẹ jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, a sì gbà. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀ tó sọ pé ẹnikẹ́ni fún yín láṣẹ lórí owó rẹ̀." Mo na ìka sí ìwé ìbúra mi. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ta ló búra?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin lẹ fi ara yín joyè."

Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Akọ̀wé kóòtù tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìbúra kò wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí òǹtẹ̀ náà jẹ́rìí sí ni pé mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì búra. Ìwé ìbúra lè ti ẹjọ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè yan ẹnikẹ́ni sípò.

Ìyá náà tún ṣàlàyé ohun kan tí kò sí nínú lẹ́tà wọn. Bí wọ́n bá san owó fún ẹni tí òfin kò yàn, gbèsè ọmọ náà kò tíì kúrò lọ́rùn wọn. Bí Àdùkẹ́ bá pé ọdún 18, tó dìde pé òun kò rí kọ́bọ̀, ó lè di dandan kí wọ́n san owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, kì í ṣe ìwà mi ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìwé tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń wá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, àwọn ẹbí ti fún mi ní ìmọ̀ràn oríṣiríṣi. Ẹnì kan ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀. Ẹnì kan ní kí ẹbí ṣèpàdé, kí gbogbo wa fọwọ́ síwèé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tó máa ń mọ gbogbo nǹkan, ní ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ni kí n lọ gbà, ìwé tí ọ́fíìsì ogún ní kóòtù gíga máa ń fún àwọn ẹbí òkú. Tiwọn ló sún mọ́ òótọ́ jù, òun náà ló sì lè ná wa lówó dànù jù.

Lọ́yà ló là á yé mi. Ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wà fún ohun tó jẹ́ ti òkú: ilé, ilẹ̀, owó tó wà ní báńkì. Owó ìnṣọ́ránsì tí òkú ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á sí kò wọ inú ogún. Ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dárúkọ ló ń lọ tààrà. Bí ó bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. A padà gba ìwé ìṣàkóso ogún náà ṣá o, nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójútó o. Èmi àti àkọ́bí la jọ fọwọ́ sí i, nítorí pé bí ọmọdé bá wà lára àwọn tí ogún kàn, wọn kì í fi ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo sí i. Ọ̀nà méjì ni, owó méjì ni. N kò tún da wọ́n pọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun tí mo nílò ni àṣẹ Kóòtù Ìdílé, lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti sọ di tirẹ̀. Òfin yẹn ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì fún kóòtù lágbára láti yan alágbàtọ́ fún un. Òbí náà lè yan alágbàtọ́ nínú ìwé ìhágún kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Bí lọ́yà ṣe jókòó láti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Oṣù kẹrin 2021 ni, àwọn tó bá ní ẹjọ́ lọ́dún náà kò ní gbàgbé. Ó ju oṣù méjì lọ tí ilẹ̀kùn kóòtù wà ní títì. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo rí àyè fi wá àwọn ìwé tó kù, wọn kò sì kéré.

Àkọ́kọ́ ni ti bàbá Àdùkẹ́. Ọdún 2016 ni wọ́n kú, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gba ìwé ikú wọn ní Àjọ Ìkànìyàn. Èmi kò tilẹ̀ dárúkọ wọn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin kan ní òun ni alágbàtọ́ ọmọ, kò sì sọ̀rọ̀ kankan nípa bàbá ọmọ. Ẹni tó bá kà á yóò béèrè bóyá bàbá wà láàyè, bóyá òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. A ní láti padà sí ilé ìwòsàn, kí a tó rí ìwé ikú wọn gbà.

Mo tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Lọ́yà ní adájọ́ yóò béèrè bóyá ìdílé bàbá mọ̀ nípa ẹjọ́ náà. Bàbá náà gbà mí tayọ̀tayọ̀, wọ́n fún mi ní àmàlà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni Àdùkẹ́, kò sí bí ìdílé ìyá ṣe máa gba owó ọmọ ìdílé bàbá. Mo kúnlẹ̀ fún òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé òótọ́ wà níbẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé owó náà kò ní kan ọwọ́ mi, àkáǹtì tó wà lórúkọ ọmọ náà ló máa wọ̀, kóòtù sì máa mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn sínú ìwé. Mo kọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Ìwé ìbí ló tẹ̀lé e. Káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí i ni mo mú lọ tẹ́lẹ̀, wọn kò gbà á. Ìwé ìbí Àjọ Ìkànìyàn ni wọ́n fẹ́. Ó wà nínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì, orúkọ tí a ń pè é nílé ni, orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí sì jẹ́ òmíràn. Orúkọ bàbá nìkan ló bára mu. Ibí yìí ni ìwé ìbúra ti wá rí iṣẹ́ tó tọ́ sí i ṣe. Mo búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, ilé-ìwé rẹ̀ kọ lẹ́tà tó jẹ́rìí sí i, wọ́n sì gbà á láìjanpata. Bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń rò ó pé ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gba ẹ̀gbọ́n mi láti kọ orúkọ náà bó ṣe wà nínú ìwé ìbí.

Ìgbà tí kóòtù ṣí, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá jẹ́ jù lọ wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé lọ́yà kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi Àdùkẹ́ sí ìkáwọ́ mi, kí n máa tọ́ ọ, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá rẹ̀ kà á, ó sì bi í pé, "Owó ńkọ́?" Títọ́ ọmọ yàtọ̀ sí ìṣàkóso ohun ìní ọmọ. Adájọ́ lè fún èèyàn ní ọmọ láti tọ́ láìfún un láṣẹ lórí kọ́bọ̀ rẹ̀. Bí a bá gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tí a sì gbé e lọ, èsì kan náà ni wọn ìbá tún fún mi, a ó sì padà sí kóòtù. Ọ̀gá náà fi ẹ̀bẹ̀ kan kún un: kí n lágbára láti gba owó tó tọ́ sí ọmọ náà lórí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ìyá rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àdéhùn náà gan-an, kí n sì máa bójútó o fún un.

Òṣìṣẹ́ àbójútó ọmọdé wá sílé mi wò wá. Ó wo ibi tí ọmọ náà ń sùn, ó wo ìwé ilé-ìwé rẹ̀, ó bá òun nìkan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bí ogún. Àdùkẹ́ kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi títí di òní.

Oṣù kẹwàá ni àṣẹ jáde. Ìlà kẹta rẹ̀ ló kan owó: kí wọ́n san án sí àkáǹtì tó wà lórúkọ ọmọ, kí n máa ná lára rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera rẹ̀ nìkan, kí n sì máa jábọ̀ fún kóòtù lọ́dọọdún. Mo gba ẹ̀dà mẹ́ta tí kóòtù lu òǹtẹ̀ lé. Ọ̀kan lọ sí ìnṣọ́ránsì, ọ̀kan lọ sí báńkì, ẹ̀kẹta kò kúrò nílé. Báńkì ní láti rí àṣẹ náà kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì, nítorí náà a ti ṣí i kí n tó kọ lẹ́tà kejì.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ lẹ́tà kejì, kò ju ìdajì ojú-ewé lọ. Bó ṣe rí nìyí bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá:

"Kóòtù Ìdílé yan èmi, orúkọ mi nìyí ní kíkún, ní alágbàtọ́ ọmọbìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, ẹni ọdún 12, nínú ẹjọ́ nọ́ńbà báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Ìlà kẹta àṣẹ náà fún mi lágbára láti gba owó tó tọ́ sí i lórí ìwé àdéhùn nọ́ńbà báyìí, tí ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ báyìí, kú lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ báyìí. N kò béèrè owó yìí fún ara mi. Orúkọ ọmọ náà ni mo fi ń béèrè ìdajì tí ìyá rẹ̀ yàn fún un. Ẹ san án sí àkáǹtì ọmọ náà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn ìwé tó bá a rìn nìwọ̀nyí. Bí ìwé kan bá kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi."

Lábẹ́ orúkọ mi níbi ìfọwọ́sí, mo kọ ọ́ pé "gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́" ọmọ náà, mo sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn ìwé tó bá a rìn ni àṣẹ kóòtù, ìwé ikú òbí méjèèjì, ìwé ìbí, ìwé ìbúra lórí orúkọ, káàdì ìdánimọ̀ mi àti ìwé àkáǹtì. N kò sọ̀rọ̀ àìsàn, n kò sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tí mo ti san. Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀, mo fún wọn ní ọ̀kan, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tó kù lọ́wọ́ mi. Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 tó wà nílẹ̀ nígbà náà fún wọn ní 90 ọjọ́ láti san owó tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọn kò fi san án, ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ni ìṣírò náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2025, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ àti déètì ṣì ni ẹ̀rí èèyàn.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n fi ìwé ìfọwọ́sí owó ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní fáúṣà. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i gbà pé owó náà pé, pé kò sí gbèsè mọ́. Iye tó wà níbẹ̀ ni ₦1,350,000. Mo gbé e kalẹ̀, mo ṣírò. ₦90,000 ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà lóṣù nígbà tí wọ́n kú. Lọ́dún, ₦1,080,000 nìyẹn. Ní ìlọ́po mẹ́ta, ₦3,240,000. Ìdajì rẹ̀ ₦1,620,000. Ibo ni ₦270,000 wà?

Àwọn ìnṣọ́ránsì kò purọ́. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn ṣì gbé ₦75,000 tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà kí wọ́n tó fi kún owó wọn. Orí ìyẹn ni wọ́n ti ṣírò. Àkọ́bí ti fọwọ́ sí tirẹ̀ láti oṣù karùn-ún, kò kà á. Mo mú ìwé owó oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn lọ bá ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́, mo sì ní n kò ní fọwọ́ sí fáúṣà títí wọn yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ni yóò san ìyókù. Wọ́n fà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kọ ọ́. Mo fọwọ́ sí fáúṣà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, owó ìnṣọ́ránsì wọ àkáǹtì Àdùkẹ́ nínú oṣù kejìlá, ₦270,000 tẹ̀lé e ní oṣù kìíní 2022. Ti àkọ́bí pẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó ti fọwọ́ sí i pé ó pé, ṣùgbọ́n wọ́n padà san án.

Fáìlì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi báyìí, rìsíìtì owó ilé-ìwé àti ti oògùn ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà ìjábọ̀ ọdọọdún. Lọ́dún 2022 yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá sílé. Ọjà kò lọ dáadáa fún wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn yọ ₦300,000 nínú owó ọmọ náà, àwọn á dá a padà kí ọdún tó parí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, mo wọ yàrá, mo gbé àṣẹ kóòtù jáde fún wọn. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á títí dé ìlà kẹta, wọ́n ká a bó ṣe wà, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi tútù wá.